Nínu Orúkọ Ilé Iṣẹ́ Kúrò Lára Fótò Ọjà: Ọ̀rọ̀ Tí Akọ̀wé Bá Ẹgbẹ́ Sọ

Alága ní kí n kọ ọ̀rọ̀ tí mo sọ ní ìpàdé sínú ìwé ẹgbẹ́, kí àwọn tí kò ráyè wá lè rí i kà. Bí mo ṣe sọ ọ́ lẹ́nu náà ni mo ṣe kọ ọ́. Ìwé mẹ́fà péré ni mo kà, ṣùgbọ́n lórí ọ̀rọ̀ òfin inú rẹ̀, agbẹjọ́rò ni mo jókòó tì títí ó fi yé mi.

Ọ̀rọ̀ náà nìyí. Púpọ̀ nínú wa ló ń fi fóònù ta ọjà báyìí. A ó ya fótò, a ó gbé e sórí Wáàsáàpù tàbí Fésìbúùkù, oníbàárà tó wà ní Abẹ́òkúta tàbí tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù á rí i, á sanwó, a ó fi ránṣẹ́. Àwọn ọmọ tó ń bá wa ya fótò yìí wá kọ́ bí wọ́n ṣe ń nu orúkọ ilé iṣẹ́ tó ṣe ọjà kúrò nínú àwòrán. Nígbà mìíràn àwa la ní kí wọ́n nù ún. Ìyàwó ilé kan a sọ pé òun ò fẹ́ kí aládùúgbò òun lọ́jà mọ ibi tí òun ti ń kó ọjà wá. Òmíràn a sọ pé ilé iṣẹ́ yẹn ò sanwó ìpolówó fún òun, kí ló dé tí òun á fi máa bá wọn gbé orúkọ kiri? Àwọn kan sì wà tó jẹ́ pé ayédèrú ni ọjà wọn, wọ́n rò pé bí wọ́n bá ti nu orúkọ náà, kò sí ẹni tó lè mú wọn.

Lẹ́tà agbẹjọ́rò kan ló jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí dé iwájú ẹgbẹ́. Ọmọ ẹgbẹ́ wa kan tó ń ta àǹkárá ni wọ́n kọ ọ́ sí. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀, mi ò sì ní dárúkọ ilé iṣẹ́ tó kọ lẹ́tà, nítorí ọ̀rọ̀ náà ò tíì parí. Ohun tí obìnrin náà sọ fún wa ni pé, "Ẹ wo fótò mi, ẹ bá mi wò ó dáadáa, ṣé orúkọ wọn wà níbẹ̀? Mo ti nù ún. Ẹ̀sùn wo ni wọ́n wá fi kàn mí?" Ìbéèrè gidi nìyẹn, kò sì yẹ ká kàn fi ẹ̀rín dá a lóhùn.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bí wọ́n ṣe ń nù ún, nítorí àwọn ìyá kan ò tilẹ̀ mọ̀ pé ó ṣeé ṣe. Ohun èlò kan wà lórí fóònù tó ń jẹ́ Snapseed, ọ̀fẹ́ ni. Wọ́n á ṣí fótò náà nínú rẹ̀, wọ́n á wá ibi tí wọ́n kọ Healing sí. Wọ́n á fi ìka méjì fa àwòrán náà títí ibi tí orúkọ wà á fi tóbi, wọ́n á wá fi ìka kan pa á díẹ̀díẹ̀. Bí wọ́n bá ti gbé ìka kúrò, fóònù á mú nínú ohun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, á fi dí ibẹ̀. Bí ọjà náà bá jẹ́ aláwọ̀ kan, bí ike funfun tàbí báàgì dúdú, o ò ní mọ̀ pé nǹkan kan wà níbẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ aṣọ olódòdó, ibẹ̀ á rí bí ìgbà tí omi dà sórí ìwé. Òdòdó kan á jáde lẹ́ẹ̀mejì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ìlà tó yẹ kó gùn gbọọrọ á já láàárín. Oníbàárà tí ojú rẹ̀ là á fa àwòrán náà tóbi, á sì rí i. Ohun tó máa kọ́kọ́ wá sí i lọ́kàn ni pé, "Kí ni obìnrin yìí ń fi pamọ́?"

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ ká padà sí ti aláǹkárá wa. Gbogbo ẹni tó bá ti ta aṣọ rí ló mọ etí aṣọ. Ibẹ̀ ni ilé iṣẹ́ máa ń tẹ orúkọ rẹ̀ sí. Ẹ mú ti Vlisco wò, ilé iṣẹ́ tó wà ní ìlú Helmond ní ilẹ̀ Hòláǹdì, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1846. Orúkọ wọn máa ń wà létí aṣọ náà, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ tó sọ pé Hòláǹdì gidi ni. Fún àwa tí a mọ aṣọ, etí yẹn ni ìwé ẹ̀rí rẹ̀. Òun la kọ́kọ́ máa ń wò kí a tó fọwọ́ pa ojú aṣọ, kí a tó yí i padà wò bóyá àwọ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ rinlẹ̀ bíi ti iwájú.

Obìnrin yìí ra àǹkárá tí wọ́n ṣe ní Ṣáínà, tí òdòdó rẹ̀ jọ èyí tí ilé iṣẹ́ ńlá kan ń ṣe. Àwọn tó ṣe é tẹ orúkọ kan sí etí rẹ̀ tó jọ orúkọ ilé iṣẹ́ ńlá yẹn, wọ́n kàn yí lẹ́tà kan padà ni. Nígbà tó ya fótò, ó ní kí ọmọ rẹ̀ nu etí náà. Ó wá kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ fótò pé, "Hòláǹdì ojúlówó, yáàdì 6, iye díẹ̀ ló kù." Ẹnìkan tó fẹ́ ṣe ìyàwó fún ọmọ rẹ̀ rà á fún aṣọ ẹbí. Nígbà tí aṣọ dé, wọ́n tú u, wọ́n rí etí rẹ̀. Ìyá ìyàwó tó jẹ́ aláṣọ láti ilẹ̀ ló tú àṣírí rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà di ariwo, ìyẹn ló gbé e dé etí ilé iṣẹ́ tó ni orúkọ.

Mo gbé fótò yẹn lọ bá agbẹjọ́rò. Ohun tó sọ yà mí lẹ́nu díẹ̀. Ó ní, "Mama, ẹ jẹ́ ká pín in. Nínu orúkọ kúrò nínú àwòrán, ìyẹn nìkan, kì í ṣe òun ni òfin àmì òwò ń pè ní ẹ̀ṣẹ̀." Òfin àmì òwò, èyí tí wọ́n ń pè ní tírédímáàkì, ti wà ní Nàìjíríà láti ọdún 1965. Ilé iṣẹ́ kan á mú orúkọ tàbí àmì rẹ̀ lọ fi sílẹ̀ ní ọ́fíìsì ìjọba ní Àbújá. Bí wọ́n bá gbà á, ọdún 7 ni àkọ́kọ́, lẹ́yìn náà wọ́n lè máa sọ ọ́ dọ̀tun ní ọdún 14, ọdún 14. Ohun tí òfin yẹn kọ̀ ni kí ẹlòmíràn lo àmì náà, tàbí èyí tó jọ ọ́ tó lè tan ènìyàn jẹ, lórí irú ọjà kan náà láìgba àṣẹ. Lílo ni òfin náà ń sọ. Ẹni tó nu orúkọ kò lo orúkọ. Títí débẹ̀, obìnrin wa jàre.

Ó wá ní, "Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó kọ sísàlẹ̀." Níbẹ̀ ni ẹsẹ̀ ti yọ̀. Ó nu orúkọ tó wà létí aṣọ, ó wá fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ Hòláǹdì ojúlówó. Aṣọ Ṣáínà ni. Ìyẹn ni pé ó fún ọjà ní àpèjúwe tí kì í ṣe tirẹ̀. Òfin tó ń dáàbò bo oníbàárà, tí wọ́n ṣe ní ọdún 2018, tí àjọ tí wọ́n ń pè ní FCCPC sì ń mójú tó, kò gba ìyẹn. Òfin kan náà yẹn tún sọ pé oníṣòwò kò gbọ́dọ̀ yọ àmì òwò tó wà lára ọjà, kò gbọ́dọ̀ bò ó, kò gbọ́dọ̀ bà á jẹ́ lọ́nà tó fi máa tan oníbàárà jẹ. Ẹ gbọ́ dáadáa o: lọ́nà tó fi máa tan oníbàárà jẹ. Gbólóhùn yẹn ni gbogbo rẹ̀ rọ̀ mọ́. Orí ọjà fúnra rẹ̀ ni òfin yẹn dárúkọ, kò dárúkọ fótò. Ṣùgbọ́n fótò ni ẹni tó wà ní ọ̀nà jíjìn fi ń ra ọjà, òun ló fi ń rí i, òun ló fi ń fọwọ́ kàn án. Bí fótò bá purọ́, irọ́ náà ni wọ́n máa kà sí ọ lọ́rùn.

Ohun tó tún burú sí i ni pé nínu tó nù ún ti di ẹ̀rí. Bí ó bá fi etí aṣọ sílẹ̀ bó ṣe wà, ó lè sọ pé òun ò mọ̀ pé ayédèrú ni, pé bí wọ́n ṣe tà á fún òun lòun ṣe tà á. Ẹnu lè gbà á. Ní báyìí tó ti fi ọwọ́ pa ibẹ̀ gan-an, ibi kan ṣoṣo tó lè tú u fó, ta ló máa gbà pé kò mọ̀?

Mo bi agbẹjọ́rò pé, bí ó bá jẹ́ pé fótò kan náà ni, etí ti di nínù bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n tó kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé, "Àǹkárá Ṣáínà, yáàdì 6, etí rẹ̀ ni mo nù nínú fótò," ńkọ́? Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní kò tan ẹnikẹ́ni jẹ ní tirẹ̀ nìyẹn, ẹni tó rà á mọ ohun tó rà. Ṣùgbọ́n ó ní wàhálà ṣì wà. Orúkọ tó jọ orúkọ oní-nǹkan ṣì wà lára aṣọ tó wà nínú ìsọ̀ rẹ̀, aṣọ yẹn ló sì ń tà. Fótò ni ó nù, kò nu aṣọ. Títa ọjà tí wọ́n tẹ àmì jíjọra sí lára fúnra rẹ̀ ni òfin àmì òwò ń bá jà. Yàtọ̀ sí ìyẹn, òdòdó ara aṣọ náà lè jẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ tí ẹnìkan ní ẹ̀tọ́ sí, òfin mìíràn ló sì wà fún ìyẹn.

Ẹ wá wo ẹ̀kẹta. Ẹlòmíràn ní Hòláǹdì gidi, ó rà á lọ́wọ́ ẹni tó yẹ, ó ní ìwé owó rẹ̀, ó wá nu etí rẹ̀ nínú fótò nítorí kò fẹ́ kí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ mọ irú ọjà tó kó. Èyí ò ní ẹjọ́ kankan, kò tan ẹnikẹ́ni jẹ. Kìkì pé òun ló ń ba ọjà ara rẹ̀ jẹ́. Etí yẹn ló jẹ́ kí aṣọ rẹ̀ wọ́n ju ti aládùúgbò lọ, òun ló wá pa rẹ́. Òfin kò ní kí ẹni tó ń ta ojúlówó má fi orúkọ rẹ̀ hàn. Ọjà tí ilé iṣẹ́ fúnra rẹ̀ ti tà, tí o sì ń tún tà bó ṣe wà, o lè ya orúkọ rẹ̀ sínú fótò, o lè dárúkọ rẹ̀. Ohun tí o ò gbọ́dọ̀ ṣe ni kí o ṣe bí ẹni pé o jẹ́ aṣojú ilé iṣẹ́ náà bí wọn ò bá yàn ọ́. Bí mo ṣe rò ó sí, ẹni tí kò bá fẹ́ kí ẹlẹgbẹ́ mọ ibi tó ti ra ọjà, kó pa ìwé owó rẹ̀ mọ́, kó fi etí aṣọ sílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kejì tí mo fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn ni ohun tó kù lẹ́yìn tí orúkọ bá lọ. Àwa rò pé orúkọ nìkan ni àmì. Rárá o. Mo gbé ike ọtí ẹlẹ́rìndòdò Coca-Cola kan dání ní ìpàdé, mo ti ya bébà ara rẹ̀ dànù. Mo bi àwọn ìyá pé kí ni èyí, ọmọdé tó wà lẹ́yìn ìyá rẹ̀ ló kọ́kọ́ dárúkọ rẹ̀. Bí ìgò náà ṣe rí nìkan ti tó. Ní Amẹ́ríkà, wọ́n ti gba bí ìgò yẹn ṣe rí gẹ́gẹ́ bí àmì òwò láti ọdún 1960. Bákan náà ni ìlà mẹ́ta tó wà lára bàtà Adidas: ẹ nu orúkọ, ìlà mẹ́ta ṣì ń ké. Báàgì tí lẹ́tà L àti V wà káàkiri ara rẹ̀ pẹ̀lú òdòdó, bí o bá nu irin tó wà níwájú rẹ̀, kí lo nù? Nílé níbí náà, òfin kan tí Ààrẹ fọwọ́ sí ní oṣù kejì ọdún 2023 ti fi kún òfin ti 1965 pé bí ọjà ṣe rí, bí wọ́n ṣe dì í àti àwọ̀ tí wọ́n pa pọ̀ lè jẹ́ àmì òwò. Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ń ta bàtà àti báàgì, ẹni tó ń kó ayédèrú tó wá nu orúkọ nínú fótò, ó kàn gé ìrù ejò ni. Àwọn tó ń ṣọ́ ojú ìwé títajà lórí fóònù mọ àwòrán yẹn dáadáa. Wọ́n máa ń yọ ọ́ kúrò, wọ́n sì lè ti ojú ìwé rẹ pa pẹ̀lú gbogbo oníbàárà tó wà níbẹ̀.

Ẹ̀yin elépo àti òróró, ẹ̀yin náà ni ọ̀rọ̀ kàn báyìí. Àwọn kan ń ra kẹ́ẹ̀gì lítà 25 tí ilé iṣẹ́ ṣe, wọ́n á bù ú sínú ìgò kéékèèké, wọ́n á nu lébẹ́lì kẹ́ẹ̀gì tó wà lẹ́yìn nínú fótò, wọ́n á wá lẹ orúkọ ara wọn mọ́ ìgò. Èyí kì í ṣe nínu orúkọ mọ́. Fífi orúkọ rẹ sórí iṣẹ́ ẹlòmíràn ni. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ òfin tó wà nínú ìwé, ilé ẹjọ́ mọ irú ìwà yìí láti ìgbà pípẹ́, kí ènìyàn máa gbé ọjà kan jáde bí ẹni pé ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn ló ti wá. Ní Yúróòpù, ní ọdún 2018, ilé ẹjọ́ tó ga jù níbẹ̀ gbọ́ ẹjọ́ àwọn kan tó ra ẹ̀rọ Mitsubishi tí wọ́n fi ń gbé ẹrù, wọ́n rà á lẹ́yìn odi Yúróòpù, wọ́n yọ gbogbo àmì rẹ̀, wọ́n lẹ tiwọn mọ́ ọn, wọ́n wá gbé e wọlé. Ojúlówó ni ẹ̀rọ náà o, wọ́n sì sanwó rẹ̀. Síbẹ̀ ilé ẹjọ́ ní ilé iṣẹ́ tó ni àmì lè dá wọn dúró. Ìdájọ́ tiwọn ò de ilé ẹjọ́ tiwa, ṣùgbọ́n ẹni tó ń fi epo àti oúnjẹ ránṣẹ́ sí ọmọ rẹ̀ láti tà ní ìlú òyìnbó, kó mọ̀ pé ojú tí wọ́n fi ń wò ó nìyẹn. Ti oúnjẹ tún ní ti Náfídáàkì nínú. Lébẹ́lì tí o nù ni nọ́ńbà Náfídáàkì àti ọjọ́ tí ọjà máa bàjẹ́ wà, ìgò tuntun tìrẹ kò ní nọ́ńbà. Ìyẹn tóbi ju ọ̀rọ̀ fótò lọ, a ó bá a lọ́tọ̀.

Ǹjẹ́ ó ní ìgbà tí nínu orúkọ dára? Bẹ́ẹ̀ ni, ó ní. Bí o bá ń ya ata rẹ, tí pátákó ilé iṣẹ́ fóònù kan wà lẹ́yìn, nù ún, ẹnikẹ́ni ò ní rò pé wọ́n ló ni ata. Bí o bá ń ta abọ́, tí o kó ìrẹsì sínú rẹ̀ kó lè wuyì, tí àpò ìrẹsì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, nu orúkọ ara àpò, abọ́ lo ń tà. Nígbà tí a fẹ́ ṣe kàlẹ́ńdà ẹgbẹ́, bẹ́ẹ̀ gan-an la ṣe, a ò fẹ́ kí ó dà bíi pé ilé iṣẹ́ ọṣẹ kan ló ṣe é fún wa. Kódà ó rọrùn ju nínú lọ: yí ike náà kí lébẹ́lì rẹ̀ kọjú sí ògiri, tàbí kí o gbé e kúrò kí o tó ya fótò. Ohun tí ọmọ máa fi ìdajì wákàtí pa lórí fóònù, ọwọ́ rẹ á ti ṣe é lẹ́ẹ̀kan. Ṣùgbọ́n bí fótò náà kì í bá ṣe ìwọ lo yà á, tó jẹ́ pé orí ojú ìwé ẹlòmíràn lo ti mú un, tí o wá nu orúkọ rẹ̀ tó kọ sórí fótò, ẹ̀tọ́ ẹni tó ya fótò nìyẹn. Òfin ẹ̀tọ́ oníṣẹ́ ọwọ́ ti ọdún 2022 ló máa bá ọ sọ ọ́. Ẹ ya ọjà yín fúnra yín.

Nípa lẹ́tà tí wọ́n kọ sí ọmọ ẹgbẹ́ wa, ohun tí agbẹjọ́rò ní kó ṣe nìyí, mo sì kọ ọ́ sílẹ̀ nítorí ẹni tí irú rẹ̀ bá tún kàn. Kó yọ fótò náà kúrò lójú ẹsẹ̀, àti gbogbo èyí tó jọ ọ́. Ṣùgbọ́n kó fi ẹ̀dà rẹ̀ sínú fóònù, kó má pa á rẹ́ pátápátá, nítorí agbẹjọ́rò rẹ̀ gbọ́dọ̀ rí ohun tí wọ́n ń sọ. Kó má ta èyí tó kù nínú aṣọ náà fún ẹnikẹ́ni. Kó wá ìwé owó tí wọ́n fún un níbi tó ti rà á, nítorí ìbéèrè àkọ́kọ́ tí wọ́n máa bi í nìyẹn. Kó má pe ilé iṣẹ́ náà lórí fóònù láti máa bẹ̀bẹ̀ tàbí láti bú wọn, kó má sì fọwọ́ sí ìwé kankan tí wọ́n bá gbé wá títí agbẹjọ́rò á fi kà á fún un. Owó aṣọ ẹbí tó gbà, ó ti dá ìdajì rẹ̀ padà, ẹgbẹ́ ń bá àwọn ẹbí ìyàwó sọ̀rọ̀ lórí ìyókù.

Ẹ̀yin tí ẹ ní irú fótò bẹ́ẹ̀ lórí fóònù, ẹ gbé e wá fún èmi tàbí Alága kí ìpàdé oṣù tó ń bọ̀ tó pé. Agbẹjọ́rò ti ṣèlérí láti wá jókòó fún wákàtí méjì, á máa wò wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ mú aṣọ tàbí ọjà náà dání pẹ̀lú ìwé owó rẹ̀, nítorí kò ní lè fi fótò nìkan sọ nǹkan kan.